Ẹ má tíì ta àgbébọ̀ yín nítorí ínkúbétọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó bí wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi wá ní Ọlọ́runṣògo yìí, àti bí a bá dé ọjà Akànrán, pé: "Ọ́fíṣà, ṣé kí n kó àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ mi tà, kí n fi owó wọn ra ínkúbétọ̀?" Èsì wa ni pé rárá o. Ẹ má tíì tà wọ́n. Ẹni tó ní àgbébọ̀ márùn-ún tó mọ sàba lé ẹyin, tí kò sì ní iná tó dúró, ẹ̀rọ tó gbé wá sílé nílé yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sàn ju èyí tó fẹ́ rà lọ.

A ò kórìíra ẹ̀rọ. Ohun tí a kórìíra ni irọ́ tí wọ́n fi ń tà á. Wọ́n á ní, "Fi sí iná, da omi sí i, lọ sùn. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, wá kó ọmọ." Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ yóò kó òbu ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iná, nítorí òun ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún jẹ́ wákàtí 504. Ká ní ẹ ń rí iná wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, tí àwọn kan láàárín wa á ní ìyẹn gan-an ti pọ̀ jù, wákàtí 336 ni kò ní sí iná. Àwọn tó wà lórí Báńdì Éè, tí owó iná wọn fò sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ bóyá abúlé yín wà níbẹ̀. Ẹ wá ní ẹ ó fi jẹnẹrétọ̀ kékeré dí i. Ká ní wákàtí mẹ́fà péré lẹ ń tan án lójúmọ́, tó sì ń mu ìlàjì lítà ní wákàtí kan, lítà 63 lẹ máa rà kí ọjọ́ tó pé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ mọ iye tí lítà kan ń jẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ wá pín in sórí ọmọ adìyẹ tí ẹ máa rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, iná tó lọ fún wákàtí kan tàbí méjì kọ́ ló ń pa ẹyin yín. Àgbébọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dìde lórí ẹyin lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Á lọ jẹun, á mumi, á yàgbẹ́, á fi erùpẹ̀ wẹ ara, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú kó tó padà. Ẹyin á tutù díẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò ṣe. Ooru tó pọ̀ jù ló ń tètè pa ẹyin. Ẹ̀rọ tó bá wọ 40 tó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan ti ṣe iṣẹ́ ibi tí òtútù ò lè ṣe láàárín àkókò kan náà. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ẹ̀rọ wò, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn. Ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Omi ni ọ̀rọ̀ wà, àti yíyí ẹyin. Ibí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ra ẹ̀rọ fóòmù kan. Ìgbà òjò ni, oṣù keje. Ó kó ẹyin ìbílẹ̀ 48 sínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mẹ́ta nínú àgbébọ̀ rẹ̀ ń sàba lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹyin mẹ́wàá mẹ́wàá ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn àgbébọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó ọmọ 25 jáde nínú ẹyin 30. Ẹ̀rọ mú mẹ́sàn-án jáde nínú 48. Ìyá ránṣẹ́ pè wá. Ó ti fẹ́ da ẹyin tó kù nù, a ní kó dúró.

A fọ́ wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí ń rùn, ṣùgbọ́n òun nìkan ló lè sọ òótọ́ fún yín. Méje mọ́ kedere, kò sí ọmọ nínú wọn rárá, àkùkọ ò kan ẹyin wọ̀nyẹn. Mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀jẹ̀, ó sì kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn 26 tó kù ló dùn wá. Ọmọ ti pé pérépéré nínú wọn, ó ní ìyẹ́, ó ní ẹnu, ó ní èékánná. Ṣùgbọ́n ara wọn tutù rinrin, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ewédú, ikùn wọn wú, pupa ẹyin ò tíì wọlé tán. Àyè afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà ní ìdí ẹyin tó fẹ̀ kéré bíi tọ́rọ́ kọ́bọ̀ àtijọ́.

A ní, "Ìyá, àwọn ọmọ yìí mumi kú ni."

Ó wò wá bí ẹni pé a ń ṣeré. "Mumi kú kẹ̀? Nínú ẹyin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Báwo lẹ ṣe ń da omi sí ẹ̀rọ?"

"Ọ́fíṣà, ẹni tó tà á fún mi ló ní n ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi gbẹ. Kòtò omi méjèèjì ni mò ń kún láràárọ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Èèpo ẹyin ní ihò wínníwínní tí ojú ò lè rí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni omi ti ń gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń jáde ni àyè afẹ́fẹ́ ìdí ẹyin ń fẹ̀ sí i. Kí ọmọ tó já èèpo, inú àyè yẹn ló máa kọ́kọ́ ki ẹnu bọ̀ láti mí. Bí ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ bá pọ̀ jù, omi ò ní rí ọ̀nà jáde, àyè náà á kéré, ọmọ á wú, kò ní rí ibi yí ara sí. Á kú nígbà tó ku ọjọ́ kan kó jáde. Ó tó kí èèyàn sunkún.

Ẹni tó kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ náà, a ò rò pé Ìbàdàn ló ń gbé. Nígbà òjò níhìn-ín, afẹ́fẹ́ wa fúnra rẹ̀ ti kún fún omi. Lóòótọ́, bó bá wọ inú ẹ̀rọ tó gbóná, ó máa gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n láìda omi kankan sí i, ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ ṣì lè wà ní bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ẹyin ń fẹ́ di ọjọ́ kejìdínlógún ò ju 50 sí 55 lọ. Kòtò kékeré kan ti tó, nígbà mìíràn gan-an kò nílò omi rárá. Ìgbà ọyẹ́ ló yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó bá wọ inú ooru ẹ̀rọ á gbẹ bí èéfín, ó lè dín ní 25. Ìgbà yẹn ni kòtò méjèèjì yẹ kó kún, kí ẹ sì máa wò ó láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ̀rọ kan náà ni, ìlú kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ẹyin là ní oṣù kìíní ló ń pa á ní oṣù keje.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ láìra ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin? Ẹ wọn ẹyin. Síkéèlì kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ti tó. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹyin mẹ́wàá kí ẹ tó kó wọn wọlé, kí ẹ wọ̀n wọ́n pọ̀. Ẹyin ìbílẹ̀ ìyá yìí, mẹ́wàá jẹ́ gíráàmù 420. Títí di ọjọ́ kejìdínlógún, ó yẹ kí ẹyin pàdánù bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Èyí ni pé lọ́jọ́ keje, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹ kó ti sọ̀ sí bí 400, nígbà tó bá di ọjọ́ kejìdínlógún, bí 370. Kí ẹ má yọ ìkankan nínú mẹ́wàá yẹn, ì báà jẹ́ pé kò lọ́mọ nínú, kí ìṣirò má bàa dàrú.

Nígbà kejì tí ìyá kó ẹyin sí ẹ̀rọ, a wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ keje. Wọ́n ṣì jẹ́ 410. Gíráàmù mẹ́wàá péré ló lọ, ìlàjì ohun tó yẹ. A ní kó gbọ́n omi inú kòtò dànù pátápátá, kó sì ṣí ihò afẹ́fẹ́ tó ti fi sẹlotéèpù lẹ̀ pa. Ó ṣe é tìfuratìfura. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, wọ́n ti di 375. Kò pé dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ ọn.

Àgbébọ̀ ńkọ́? Àgbébọ̀ ò ní síkéèlì, kò sì ní kòtò omi. Wọ́n máa ń sọ pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Bó bá sàba, ìyẹ́ abẹ́ àyà rẹ̀ á wọ́n, awọ ara rẹ̀ gan-an á kan ẹyin, kì í ṣe ìyẹ́. Ọ̀rinrin ilẹ̀ abẹ́ ìtẹ́ ń bá a ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń yí ẹyin ká nígbàkigbà tó bá dìde. Ohun kan péré ló lè fẹ́ lọ́wọ́ yín ní ìgbà ọyẹ́: bí ìtẹ́ bá wà nínú agbọ̀n lókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí erùpẹ̀, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀.

Yíyí ẹyin náà nìyẹn. Bí ẹyin bá dúró sójú kan, ọmọ inú rẹ̀ á léfòó, á lẹ̀ mọ́ awọ fẹ́lẹ́ inú èèpo, kò sì ní lè kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló léwu jù. Àgbébọ̀ máa ń fi ẹnu ti ẹyin rẹ̀ lọ sí ọ̀tún lọ sí òsì, léraléra, tọ̀sán tòru. Á gbé ti etí wá sí àárín, á ti ti àárín lọ sí etí, ìyẹn náà ló fi ń pín ooru fún wọn.

Ẹni tó ta ẹ̀rọ á ní, "Tiwa ń yí ẹyin fúnra rẹ̀." Ó ń yí i lóòótọ́, nígbà tí iná bá wà. Bí iná bá lọ láti agogo méje alẹ́ di agogo márùn-ún ìdájí, wákàtí mẹ́wàá ni ẹyin fi dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹ sì ń sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn òǹtajà kì í sọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré tó ń ti ẹyin lọ bọ̀, ẹyin ńlá ti adìyẹ òyìnbó ni wọ́n wọn àyè inú rẹ̀ fún. Ẹyin ìbílẹ̀ wa kéré, á kàn máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láìyí. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ⨯ sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin, O sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá wò ó ní ìrọ̀lẹ́ tó sì jẹ́ pé ⨯ tí ẹ rí láàárọ̀ ṣì ń wo yín lójú ní gbogbo ìgbà, ẹ̀rọ yẹn ò yí nǹkan kan. Ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Kó má jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, torí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ẹyin á máa fi sùn mọ́jú lálaalẹ́.

Àwọn ará Íjíbítì ti ń pa ẹyin lọ́pọ̀ yanturu láìsí adìyẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, láìsí NẸ́PÀ, nínú ilé amọ̀ tí wọ́n ń dáná ìgbẹ́ ẹran sí. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí èyí. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbé inú ilé náà ni, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ẹyin lójoojúmọ́, tí wọ́n ń gbé ẹyin lé ìpéǹpéjú kí wọ́n lè mọ bó ṣe gbóná tó. Èèyàn ló ń ṣe iṣẹ́ àgbébọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ máa di àgbébọ̀. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ ráyè.

Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ló wá kù. Láti ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ ò gbọ́dọ̀ yí ẹyin mọ́. Ìgbà yìí gan-an ni omi tó yẹ kó pọ̀, kí ọ̀rinrin tó bíi 65 sí 70, kí awọ inú ẹyin rọ̀ fún ọmọ láti já. Ìgbà yìí náà sì ni gbogbo ilé máa ń fẹ́ ṣí ẹ̀rọ wò. Ọmọ kan á ké "kíyẹ́", ẹ̀yin á ṣí i, ẹ óò pe aládùúgbò wá wò ó. Ní ìṣẹ́jú kan yẹn, ọ̀rinrin ti fò lọ. Awọ á gbẹ, á fún mọ́ ọmọ tó ti já ihò lára bí nylọ́ọ̀nù, kò sì ní lè yí ara mọ́. Ẹ ó rí ẹyin tó ti já ihò tí ọmọ kú sẹ́nu rẹ̀, awọ rẹ̀ gbẹ bí ìwé. Ìyẹn ò jọ ti ìyá tó kọ́kọ́ kún kòtò omi o. Ti tirẹ̀ rin, èyí gbẹ. Ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa tún ṣe. Ọmọ lè lo ọjọ́ kan gbáko nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn tó ti jáde láìjẹ láìmu, pupa ẹyin tó wọ inú rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ wo àgbébọ̀ lọ́jọ́ ogún. Bí ẹ ju àgbàdo síwájú rẹ̀, kò ní fẹ́ dìde. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, á ṣá yín lọ́wọ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, ìyá ṣe gbogbo nǹkan bó ti yẹ. Ó jí yí ẹyin láàárín òru, ó ra epo, ó wọn ẹyin, kò ṣí ẹ̀rọ. Nínú ẹyin 40, ọmọ 28 jáde. Ó dára, a yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 25 nínú 30 tí àwọn àgbébọ̀ mẹ́ta fi àgbàdo ẹ̀kún ife lójúmọ́ ṣe, láìjí ẹnikẹ́ni lóru. Lẹ́yìn náà, àgbébọ̀ á tún tọ́ wọn. Ọmọ inú ẹ̀rọ ṣì máa fẹ́ ooru ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin sí i, ìyẹn tún ni èédú tàbí gílóòbù.

Àwọn kan á ní adìyẹ kan ò lè sàba ju ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá lọ, ọjà ò sì ní dúró de ìyẹn. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí wọ́n jọ sàba. Bí àgbébọ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sàba ṣáájú, ẹ fi ẹyin òbu mẹ́ta sílẹ̀ fún un, kí ẹ kó ojúlówó ẹyin pamọ́ síbi tútù nínú ilé, ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀. Kì í ṣe inú fíríìjì, ẹ má sì fọ̀ ọ́. Kó má ju ọjọ́ méje lọ. Nígbà tí ìkejì àti ìkẹta bá sàba, ẹ kó ẹyin fún gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ fi eérú igi sí ìsàlẹ̀ ìtẹ́ torí iná ara adìyẹ, kì í ṣe ti NẸ́PÀ o, kòkòrò tó ń jẹ àgbébọ̀ títí á fi sá kúrò lórí ẹyin. Lọ́jọ́ keje, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ ẹyin wò nínú òkùnkùn. Èyí tó mọ́ kedere, ẹ yọ ọ́. Bí ọmọ bá jáde, ẹ kó ti méjì jọ fún ìyá kan lóru, kò ní mọ̀. Àgbébọ̀ tí ò tọ́mọ á tètè padà sí yíyé.

Ta wá ni ẹ̀rọ wà fún? Ẹni tó ń sin Nọ́ílà tàbí adìyẹ ẹléyin òyìnbó, torí ìwọ̀nyẹn kì í fẹ́ sàba mọ́, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìran wọn. Ẹni tí oníbàárà ń bèèrè ọmọ igba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ní sólà pẹ̀lú bátìrì tó lè gbé ẹ̀rọ di àárọ̀, kì í ṣe bátìrì mọ́tò tó ti gbó. Bí ẹ bá wà nínú wọn, ẹ rà á, àwa náà á bá yín tò ó. Kí ẹ tó kó ẹyin sí i, ẹ fi tẹmómítà tí wọ́n ń fi wọn ara èèyàn síbẹ̀ kí ẹ fi wo bóyá 37.5 tí ojú ẹ̀rọ ń sọ jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń purọ́. Ọmọ tó ń jáde lọ́jọ́ kọkàndínlógún ń sọ fún yín pé ooru ti pọ̀ jù, èyí tó di ọjọ́ kẹtàlélógún ń sọ pé ó kéré.

Ìyá wa ò ta ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹyin Nọ́ílà ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń kó sí i báyìí, ní ìgbà tí iná bá dáa. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ tirẹ̀ ti di mẹ́jọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn, mẹ́rin wà lórí ẹyin, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìyá sì ti fi pẹ́ńsù kọ déètì sára ògiri ilé ìdáná.